Tí méséèjì àgbàlagbà bá dédé lọ́jú pọ̀: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò láì kó ìpayà bá ẹnikẹ́ni

Nǹkan bí aago 7:40 àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń múra ibi iṣẹ́ ní Ìkòròdú níbí ni méséèjì àǹtí mi wọlé láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, ẹja ni wọ́n ń tà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì máa ń kọ̀wé sí mi lórí Wásáàpù, àdúrà ìlà kan, iye tí wọ́n ń ta ọ̀bọ̀kún ìlà kan, ó ti parí. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn rèé:

"Eja aga ti mo ana lo ile eja bo"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ìtumọ̀ kankan dì mú. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ tò fún yín, torí ọ̀pọ̀ wa ló máa ń rí irú ẹ̀ tá a máa ń sọ pé àgbà ló dé tàbí pé fóònù ló ń ṣe wèrè.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò ni irú àṣìṣe tó jẹ́. Tí àtàǹpàkò bá yẹ̀ tàbí tí awò ojú ò sí nítòsí, lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ló máa ń bọ́ síbẹ̀. "Mo ti dw ojs" ò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, w ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ e, s ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ a, "Mo ti dé ọjà" ni wọ́n fẹ́ kọ. Fóònù náà tún máa ń sọ Yorùbá di Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kà á síta ẹ máa gbọ́ gbólóhùn tó fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ti àǹtí mi yàtọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló pé, kò sí lẹ́tà kankan tó yẹ̀, ìtumọ̀ gan-an ni ò sí. Ọ̀rọ̀ gidi tí wọ́n tò bí ẹni ń da ẹ̀wà sílẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí kì í kọ irú ẹ̀, ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dìde sí.

Ẹ dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kékeré kan, kó má ní ìbínú nínú, kó má ní ẹ̀rín nínú. Mo kọ ọ́ pé "Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi o, ẹ tún un kọ fún mi." Ẹni tára ẹ̀ yá máa rí i pé òun ṣì í, á tún un kọ tàbí kó ní ọmọ ló ń fi fóònù ṣeré. Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ wà nínú wàhálà lè máà rí àṣìṣe kankan níbẹ̀ rárá. Àǹtí mi fèsì pé "Beeni aga ti lo". Mi ò dúró mọ́, mo pè wọ́n. Ẹ má sì ju irú méséèjì bẹ́ẹ̀ sí gúrúùpù ẹbí o, kí ẹ tó ṣẹ́jú ẹnì kan á ti máa rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì á ti máa sunkún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í wà níbi ìpè yìí. Àǹtí mi gbé e, mo ní ẹ káàárọ̀ mà, wọ́n ní "Ah, ọkọ mi, o jí ire? Olúwa á máa ṣọ́ ẹ." Ó já geere, ọkàn mi sì fẹ́ balẹ̀. Àmọ́ ìkíni, àdúrà, orin ìjọ, kíka oókan dé ẹẹ́wàá, wọ́n ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé wọ́n lè jáde láìsí ìyọnu nígbà tí ọpọlọ ò lè to gbólóhùn tuntun kan. Nínú èdè wa tá a ti lè kí ara wa fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, èèyàn lè wà nínú ewu kó sì kí yín tán, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ má gba ìkíni gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ẹ má sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" lè dáhùn. Ẹ béèrè ohun tó máa gba kí wọ́n ronú, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹ̀ bí ẹni ń ṣeré. Mo ní, "Àǹtí mi, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí, ẹja wo lẹ sì rí rà?" Wọ́n ní "ẹja... mo ti... àga yẹn..." wọ́n dákẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹni tó wà nítòsí wọn. Mo pe ìyá aládùúgbò wọn, mi ò pariwo, mi ò sì parọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ọ̀rọ̀ àǹtí mi ò fi bẹ́ẹ̀ yé mi lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi jókòó tì wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìde." Mo ní kí wọ́n ní kí àǹtí rẹ́rìn-ín, ṣé ẹnu ò wọ́ sápá kan, kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ṣé ọ̀kan ò máa rọ̀ wálẹ̀. Ẹnu ò wọ́, ọwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ìyá ní òógùn bo àǹtí, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n.

Àrùn ìtọ̀ ṣúgà ni àǹtí mi ní. Wọ́n ti lo oògùn wọn láàárọ̀, wọn ò tíì jẹun. Ìyá bá wọn lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò, ó gbé 46 jáde, bẹ́ẹ̀ tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ ó ti kéré jù. Àǹtí mi ṣì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń gbé nǹkan mì dáadáa, torí ẹ̀ ni ìyá ṣe po ṣúgà síbí kékeré 3 sínú ààbọ̀ ife omi fún wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ó di 61, wọ́n tún un ṣe, ó di 94, wọ́n wá jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Ọ̀rọ̀ wọn padà sípò. A ṣì gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, torí àwọn oògùn ṣúgà oníhóró kan wà tó lè tún fa ṣúgà wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá ti ń sùn lọ tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má kó ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sí ọsibítù.

Ká ní ẹnu ti wọ́ ni, tàbí tí ọwọ́ kan rọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ ò padà tí ṣúgà sì dáa, ìyẹn lè jẹ́ sítróòkù, tá a ń pè ní rọpárọsẹ̀. Ẹ pe 767 tàbí 112, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí ọkọ̀ ò bá sì yá ẹ gbé wọn fúnra yín. Ẹ kọ aago tí wọ́n rí wọn gbẹ̀yìn tí ara wọn yá sílẹ̀, kì í ṣe aago tẹ́ ẹ rí méséèjì o. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì inú ọpọlọ, láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ láti aago yẹn ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, ibi tó ní ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ nìkan ni wọ́n sì ti lè fún un, torí náà ẹ pe ọsibítù kẹ́ ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ má fún wọn ní asipirín, ẹ má sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kún un nílé. Sítróòkù tí ẹ̀jẹ̀ ń ya sínú ọpọlọ wà, asipirín lè mú un le sí i, ojú ò sì lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà.

Tó bá sì ṣẹlẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má sọ pé ó ti tán, sítróòkù ńlá lè tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ jẹ́ kí dókítà rí wọn lọ́jọ́ náà.

Nọ́ńbà ìyá aládùúgbò yẹn ló wà lókè pátápátá nínú fóònù mi báyìí, orúkọ oògùn àǹtí mi àti aago tí wọ́n ń lò ó ni mo kọ sábẹ́ ẹ̀.