Bí mo ṣe dá màmá tó pè wá ní olè lóhùn lábẹ́ ìpolówó wa

Táńtì mi ń ta àǹkárá ní ọjà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́, èmi ni mo ń bá a mójú tó páájì Fesibúùkù ẹ̀. Mo máa ń ya fọ́tò aṣọ, mo máa ń kọ iye ẹ̀ síbẹ̀, mo máa ń gba kọmáǹdì, tí aṣọ tuntun bá sì ti wọlé mo máa ń san owó díẹ̀ kí Fesibúùkù lè bá wa gbé pósítì náà kiri. Ti oṣù tó kọjá, fráǹkì 10 000 ni mo san fún ọjọ́ 5. Ohun tí mo kọ sábẹ́ fọ́tò ni "Kọ̀mpùlé, mítà 6, fráǹkì 9 000, à ń fi ránṣẹ́ sí Sakẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Kétu." Ẹ fojú sí mítà 6 yẹn o, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, alẹ́ Sátidé, nǹkan bí aago mẹ́jọ, mo ṣí fóònù mo rí i pé màmá kan láti Sakẹ́tẹ́ ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ má ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí o! Wọ́n ní mítà 6, aránṣọ mi wọ̀n ọ́n níṣojú mi, kò pé mítà 5 àbọ̀. Olè ni yín." Kí n tó rí i, èèyàn mẹ́rin ti ń bi í lábẹ́ ẹ̀ pé ṣé òótọ́ ni, èyí tó wá dùn mí jù ni pé owó tèmi ni Fesibúùkù fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, torí pé pósítì tí mo ń sanwó fún ni kọ́mẹ́ńtì ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, bí pósítì bá ṣe ń rìn ni ẹ̀sùn náà ń rìn.

Àbúrò mi ní kí n tẹ "Masquer" kí gbogbo ẹ̀ parí. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí lọ́dún tó kọjá, mi ò tún jẹ́ ṣe é mọ́. Tí ẹ bá fi kọ́mẹ́ńtì èèyàn pamọ́ báyẹn, ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń rí i, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ń rí i, àwọn tó kù nìkan ni kò rí i, nítorí náà ara onítọ̀hún kì í tètè fu ú. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá wá sọ fún un pé òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀, á gbé e lọ sí páájì tara ẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò ojú fóònù, ọ̀rọ̀ aṣọ á wá di ọ̀rọ̀ pé ẹ fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tí mo máa ń fi pamọ́ kò ju kí ẹnì kan kọ nọ́ńbà fóònù ẹlòmíì síbẹ̀, tàbí kó máa bú ẹni tí kò sí ní ìdí ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi ọ̀rọ̀ kúkúrú kan síbẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ń wò lè mọ̀ pé a ò sá: "Ẹ kú alẹ́, màmá. A ti rí ohun tí ẹ kọ. À ń lọ wọn aṣọ yẹn báyìí, a ó dá yín lóhùn níbí kí aago mẹ́wàá tó lù lálẹ́ yìí." Ẹ rí i pé mi ò tíì bẹ̀bẹ̀, mi ò sì jiyàn, torí mi ò tíì mọ ẹni tó jàre. Mo fi aago sí i torí pé "a máa wò ó" lásán, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ mọ́. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo tún wo ojú fóònù dáadáa pé orúkọ páájì ni mo fẹ́ fi dáhùn, kì í ṣe orúkọ tèmi, torí mo ti ṣe àṣìṣe yẹn rí, àwọn èèyàn wá ń bèèrè pé ta ni ọmọkùnrin yìí tó ń bá wọn dá sí i.

Lẹ́yìn náà mo dá ìpolówó náà dúró. Owó tó kù kò ju bí fráǹkì 4 000 lọ, ẹ jẹ́ kó jókòó ná.

Táńtì ní tiẹ̀ ti gbaná jẹ. "Kọ ọ́ fún un pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé yáàdì 6 ni kọ̀mpùlé! Ìró mẹ́ta, yáàdì méjì méjì! Láti ìgbà ìyá mi!" Òótọ́ ló sọ o, bí wọ́n ṣe ń tà á lọ́jà nìyẹn. A mú mẹ́ta tí a ò tíì tú nínú aṣọ yẹn gan-an, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀, a fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ mítà 5 àti sẹ̀ǹtímítà 49. Yáàdì kan, sẹ̀ǹtímítà 91 ó lé díẹ̀ ni, tí ẹ bá sọ ọ́ di mẹ́fà, iye tó máa jẹ́ nìyẹn. Aṣọ pé, táńtì jàre. Aránṣọ màmá yẹn náà jàre, kò pé mítà 5 àbọ̀ lóòótọ́. Èmi tí mo kọ "mítà" síbi tó yẹ kí n kọ "yáàdì" ni mo jẹ̀bi. Ká ní mo ti fi ìbínú dáhùn kí n tó mú téèpù ni, màá ti pe olóòótọ́ ní òpùrọ́ níwájú gbogbo ayé.

Mo wá jókòó láti kọ èsì. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ rèé: "A tọrọ àforíjì bó bá jẹ́ pé inú yín kò dùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá wa nínú ínbọ́ọ̀sì." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á rẹ́. "Bó bá jẹ́" yẹn ni kò dáa, obìnrin ti sọ pé inú òun ò dùn, kí ni mo tún ń fi "bó bá jẹ́" ṣe? Ti ínbọ́ọ̀sì yẹn, àwọn mẹ́rin tó ń bèèrè pé ṣé òótọ́ ni, wọn ò ní í rí ìdáhùn kankan, ohun tí wọ́n máa rò ni pé a pè é sí kọ̀rọ̀ ká lè fún un ní nǹkan pa á lẹ́nu mọ́. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ló dé tí aṣọ fi kéré sí ohun tí ẹ kọ, ìdáhùn tiẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹ̀.

Owó wá kù. Fráǹkì 9 000 fún mítà 6, mítà kan jẹ́ 1 500. Ohun tó dín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 51, ìyẹn nǹkan bíi fráǹkì 770, mo ní ká ṣe é ní 800. Ibí yìí ni èmi àti táńtì ti fa ọ̀rọ̀ gan-an, torí èèyàn 14 ló ti rà á lára pósítì yẹn, mo ní gbogbo wọn ló máa gbà á, táńtì ní ẹni tó pariwo nìkan ni ká fún. Mo ní táńtì, tí a bá fún òun nìkan, níṣojú gbogbo wọn ni, àwọn 13 yòókù á kà á, wọ́n á mọ̀ pé ẹni tó bá pè yín ní olè ni ẹ máa ń sanwó fún. 800 lọ́nà 14, fráǹkì 11 200. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ mi. A jọ pín in ní ọgbọọgba.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́wàá lù, mo tẹ eléyìí:

"Màmá, ẹ kú sùúrù. Aránṣọ yín jàre. A wọn mẹ́ta nínú aṣọ yìí lálẹ́ yìí, mítà 5 àti sẹ̀ǹtímítà 49 ni, yáàdì 6 nìyẹn, àmọ́ mítà 6 ni a kọ síbí. Àwa la ṣi í kọ, ẹ má bínú. Tí ẹ bá fẹ́ dá aṣọ padà, a ó dá fráǹkì 9 000 yín padà, àwa la ó san owó ọkọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mú un bẹ́ẹ̀, a ó dá fráǹkì 800 padà fún yín lọ́la kí ọ̀sán tó pọ́n. Gbogbo ẹni tó ti rà á láti Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ fi nọ́ńbà mómò yín ránṣẹ́ sí wa nínú ínbọ́ọ̀sì, ẹ má kọ ọ́ síbí."

Mi ò fèsì ọ̀rọ̀ "olè" yẹn rárá. Mi ò sì kọ pé "gbogbo ayé ló mọ̀", torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń ra aṣọ lórí fóònù, mítà ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀yìn tí mo fi èsì síbẹ̀ tán ni mo wá tún pósítì fúnra ẹ̀ kọ. Ká ní mo kọ́kọ́ tún un kọ láìsọ nǹkan ni, Fesibúùkù ń tọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á wò ó, mi ò ní í rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Nǹkan tí mi ò retí wá ṣẹlẹ̀. Kò tíì tó wákàtí kan, gáyímán kan ti yọjú sábẹ́ ọ̀rọ̀ màmá, ó fi fọ́tò páájì wa ṣe ojú ara ẹ̀, ó fi lẹ́tà kan kún orúkọ wa, ó ní kí màmá fi nọ́ńbà àti kóòdù mómò ránṣẹ́ kí owó lè wọlé. Ibi tí wọ́n bá ti ń dárúkọ owó tí a fẹ́ dá padà, wọn kì í pẹ́ dé. Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, mo fẹjọ́ ẹ̀ sun Fesibúùkù, mo sì fi kún èsì wa pé: "Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí 'Auteur' lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wa. A kì í bèèrè kóòdù ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Màmá wá sí ínbọ́ọ̀sì láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó ní òun ò dá aṣọ padà, ó wu òun. Mo bèèrè nọ́ńbà àti orúkọ tó máa jáde tí mo bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, kò sí ohun mìíràn. Mo fi 800 ránṣẹ́. Àbúrò mi ní kí n bẹ̀ ẹ́ kó pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ́, mo kọ̀, torí tó bá pa á rẹ́, èsì tiwa tó wà lábẹ́ ẹ̀ náà á bá a lọ, gbogbo ohun tí a fi fráǹkì 11 200 ṣe á di ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí. Nígbà tó di ọ̀sán, òun fúnra ẹ̀ padà wá kọ ọ́ pé: "Mo ti rí owó mi. Ẹ máa ka ohun tí ẹ bá kọ kí ẹ tó gbé e síta." Mo ní "Ẹ ṣé, màmá, a ti gbọ́," mi ò fi nǹkan kan kún un.

Nínú àwọn 13 tó kù, mẹ́fà ló wá fúnra wọn, èmi ni mo kọ̀wé sí àwọn yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Túsìdeè mo dá ìpolówó náà padà, mo kọ ọ́ báyìí pé "yáàdì 6, ìyẹn mítà 5 àti sẹ̀ǹtímítà 49." Kò pẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni kan fi bi wá pé kí ló dé tí ẹ ò kúkú gé e ní mítà 6 géérégé kó yé wa. Mo fi han táńtì, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ náà lo mọ mítà, dá a lóhùn."