Lẹ́tà tí mo kọ sí bánkì lọ́ọ̀nù nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ni iléeṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Odògùnyán, níbí ní Ìkòròdú, ti ṣíìfù alẹ́ pa, gbogbo àwa tó wà lórí ṣíìfù yẹn ni wọ́n sì fún ní lẹ́tà ká máa lọ sílé. ₦165,000 ni mo ń gbà lóṣù, ó sì lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni lọ́ọ̀nù, torí mo yá ₦600,000 lọ́wọ́ bánkì kékeré kan láti fi ra fìrísà àti jẹnẹrétọ̀ fún ìyàwó mi tó ń ta ẹja tútù ní ọjà Sábó. Oṣù méjìlá ni wọ́n fún wa, ₦68,000 lóṣù, gbogbo ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ti san márùn-ún, ó ku méje.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró kí ọjọ́ ìsanwó kọjá, kí àkáǹtì ọ́físà máa pè, kí wọ́n máa pa fóònù. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ náà, mi ò purọ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Àgírìkì tó ti jẹ akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fún ọdún púpọ̀, òun ló sọ fún mi pé, "Àbúrò, kọ̀wé sí wọn kó tó di pé ọjọ́ ìsanwó kọjá lórí ẹ. Ẹni tí kò tíì pẹ́ kó tó san owó ló lè jókòó bá wọn sọ̀rọ̀." Torí náà mo kọ ọ́ lọ́jọ́ kẹrìnlá, mo sì gbé e lọ lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí owó tó tó san.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ, ẹ̀bẹ̀ ló kún inú ẹ̀, bí àwọn ọmọ ṣe máa ṣe jẹun, bí Ọlọ́run ṣe máa san wọ́n lẹ́san. Ẹ̀gbọ́n kà á, ó ní, kò sí ibi tí máníjà máa fi ọwọ́ sí níbí o, èwo gan-an lo ní kí wọ́n ṣe? Òótọ́ ni. Àánú lè ṣe máníjà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí iye owó àti ọjọ́ tó máa kọ sínú fáìlì. Ìgbà yẹn ni mo tó mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Ibi tó le jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Nínú ₦68,000 yẹn, ₦50,000 ni ojú owó, ₦18,000 ni èlé, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ₦600,000 tí mo kọ́kọ́ yá, wọn ò sì ń dín in kù bí mo ṣe ń san. Ojú owó tó kù lọ́rùn mi jẹ́ ₦350,000. Tí mo bá kàn ní kí wọ́n sọ oṣù méje di mẹ́rìnlá, tí èlé ₦18,000 yẹn sì ń bá a lọ, ₦252,000 ni màá san ní èlé dípò ₦126,000. Owó oṣooṣù máa kéré lóòótọ́, àmọ́ èlé ti di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé mo yá kọ́bọ̀ kún un! Torí náà ohun tí mo béèrè ni pé kí wọ́n pín ₦350,000 sí oṣù mẹ́rìnlá, kí wọ́n sì ṣírò èlé lórí ₦350,000 tó kù, kì í ṣe lórí ₦600,000 àtijọ́. Ìyẹn ₦25,000 ojú owó, ₦10,500 èlé, àpapọ̀ ₦35,500 lóṣù.

Ó tún gbọ́dọ̀ hàn pé mo lè san án. Ọ̀gá kan tó ń mọ bílọ́ọ̀kù ti gbà pé kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òun ní oṣù kẹrin, nǹkan bíi ₦65,000 lóṣù, ìyàwó mi sì ń rí tó ₦70,000 èrè lórí ẹja. Oúnjẹ, owó ilé tí à ń tọ́jú, ilé-ìwé àti owó ọkọ̀ ń gba ₦95,000. Ó ku ₦40,000. Ó wù mí kí n kọ iye tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè tètè gbà, àmọ́ tí èèyàn bá ṣe àdéhùn tuntun tó tún kùnà, wọn kì í sábà fetí sí i lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí pé iṣẹ́ bílọ́ọ̀kù ò tíì bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n kọ́kọ́ san èlé nìkan fún oṣù méjì.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ lẹ́tà náà, ojú ìwé kan péré. Nọ́ḿbà lọ́ọ̀nù àti orúkọ mi lókè, iṣẹ́ tó bọ́ àti ọjọ́ tó bọ́, iye tí mo ti san láì jẹ́ kí ọjọ́ kọjá rí, iye tó kù, ohun tí mo ń béèrè gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣírò ẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà gbólóhùn kan báyìí: "Mo bẹ̀ yín kí ẹ dá ṣẹ́ẹ̀kì méje tó wà lọ́wọ́ yín padà fún mi tí àdéhùn tuntun bá ti wà." Mo so lẹ́tà ìdáṣẹ́dúró mọ́ ọn, sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta, àti ìwé kékeré láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá bílọ́ọ̀kù.

Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì yẹn, ẹ má fi ṣeré o. Nígbà tí mo yá owó, ṣẹ́ẹ̀kì méjìlá ni wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, ₦68,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gba àdéhùn tuntun tí ṣẹ́ẹ̀kì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè gbé e lọ sí bánkì, tí kò bá sí owó ó máa padà, ṣẹ́ẹ̀kì tó bá sì padà lè di ẹjọ́ ọ̀daràn lábẹ́ òfin Nàìjíríà.

Ẹ̀dà méjì ni mo mú lọ. Mo ní kí wọ́n lu sítáǹpù sí tèmi, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á, torí "mo ti fún àkáǹtì ọ́físà" kì í ṣe ẹ̀rí.

Àkáǹtì ọ́físà pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn, àwọn máa fún mi ní lọ́ọ̀nù tuntun ₦600,000, wọn á yọ gbèsè àtijọ́ nínú ẹ̀, kí n kó ìyókù lọ. Ó dùn létí, torí ebi owó ń pa wá lóòótọ́. Àmọ́ ó máa dá mi padà sí ₦68,000 fún oṣù méjìlá míì, pẹ̀lú owó fọ́ọ̀mù tuntun, èmi tí mi ò níṣẹ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n dáhùn lẹ́tà mi.

Lọ́jọ́ kejìlélógún máníjà pè mí. Wọ́n gba ₦35,500 fún oṣù mẹ́rìnlá, wọ́n gba èlé lórí ₦350,000, àmọ́ oṣù kan ni wọ́n fún mi láti san èlé nìkan, kì í ṣe méjì. Gbogbo èlé tó kù wá di ₦157,500, ó fi ₦31,500 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i. Àwọn oníduró mi méjèèjì náà ní láti wá fọwọ́ sí i, ó dáa pé mo ti lọ ṣàlàyé fún wọn nílé ṣáájú, torí ọ̀kan nínú wọn ní òun ì bá bínú ká ní ẹnu bánkì lòun ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n kó ṣẹ́ẹ̀kì jáde, mo kà á, mẹ́fà ni. Ti oṣù kejì gan-an ni kò sí níbẹ̀, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka àgbà fún ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo jókòó sí báńkì títí dé aago mẹ́ta tí wọ́n fi pè pé kí wọ́n dá a dúró, lọ́jọ́ kejì ẹ̀ ni wọ́n gbé e padà wá fún mi. Mo ya méjèèje níwájú àkáǹtì ọ́físà. Mo san ₦10,500 lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo sì ti san ₦35,500 lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà náà, ó ku mọ́kànlá.