Owó Ìṣiṣẹ́ Tí Ẹ Ń Gbàgbé Nínú Ìṣirò Òwò

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú ìwé ìṣirò òwò ni pé owó ẹ̀rọ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà. Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ gaàrí kan wò ó. Ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 6 náírà. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, mílíọ̀nù 2.8 ló ń wọlé lọ́dọọdún fún ọdún 4. Ẹni tó ni owó ń retí èrè ìdá 20 nínú 100 lọ́dún.

1. Ẹ má fi owó ìṣiṣẹ́, ìyẹn owó tó há sínú ọjà àti àwìn, sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ gba 400,000, gaàrí tí a kò tíì tà gba 600,000, àwìn tó wà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà sì jẹ́ 1,300,000. Ẹ yọ 300,000 tí àwa náà jẹ àwọn àgbẹ̀. Mílíọ̀nù 2 ló há síbẹ̀, ọjọ́ tí a ra ẹ̀rọ ló sì ti yẹ ká kọ ọ́ sílẹ̀.

2. Ẹ má pè é ní ìnáwó ọdọọdún, torí owó tó há ni, ẹ̀ẹ̀kan la sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀.

3. Bí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n sí i, tí owó tó há bá di mílíọ̀nù 2.6, 600,000 tó lé nìkan ni kí ẹ kọ sí ọdún yẹn.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ìparí. Bí a bá ti ilé iṣẹ́ náà, a ó ta gaàrí tó kù, a ó gba gbèsè, owó ìṣiṣẹ́ á sì padà sọ́wọ́. Àwọn kan kì í kọ ìpadàbọ̀ yìí rárá, òwò tó dára á wá dà bí òwò àdánù. Oníbàárà mi kan ṣe òdìkejì rẹ̀: ó kọ mílíọ̀nù 2 náà padà gẹ́lẹ́, bí ẹni pé owó ọdún kẹrin àti owó òní jẹ́ ọ̀kan náà. Nígbà tó ṣírò owó tó ń wọlé lọ́dọọdún sí owó òní, èrè rẹ̀ di 1,248,000, iye kan náà tí ì bá rí ká ní kò ka owó ìṣiṣẹ́ rárá! Ẹ dákun, nítorí èrè ìdá 20 tí olówó ń retí lọ́dún, ẹ fi 1.2 pín mílíọ̀nù 2 náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 964,500 ló jẹ́ lówó òní. Èrè tòótọ́ kò ju nǹkan bí 213,000 lọ.

Kódà, 213,000 yẹn dúró lórí pé gbogbo gbèsè ni a máa rí gbà. Alágbàtà tó bá gbọ́ pé ẹ fẹ́ kógbá wọlé kò ní í yára sanwó, nítorí kò tún nílò àwìn yín mọ́. Bí 500,000 bá bọ́ sọ́nù nínú 1,300,000 yẹn, mílíọ̀nù 1.5 péré ló máa padà, òwò náà á sì já sí àdánù nǹkan bí 28,000. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ iye tó máa padà, ẹ yẹ ìwé gbèsè wò, kí ẹ yọ ti àwọn tó ti ń sún yín síwájú láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ìparí bá ti ń sún mọ́lé, ẹ dáwọ́ àwìn dúró, kí ẹ sì dín ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń rà kù sí ìwọ̀n tí ẹ lè yan tán. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í ju ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa ra èyí tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín.