Mọ́ọ̀dù Iyanrìn fún Ọwọ́ Ìdérí Ìkòkò: Ẹnu Ìdà, Àmù àti Ihò Èémí

Ọwọ́ ìdérí tí a fẹ́ fi alumíníọ̀mù dà yìí rí bí olú. Orí rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 40, ó sì nípọn tó 25. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí róbótó, ó fẹ̀ tó 18, ó gùn tó 20.

Bí ẹ bá ri olú náà mọ́ iyanrìn lóòró, abẹ́ orí rẹ̀ á há, kò sì ní ṣeé fà jáde láìba kòtò jẹ́. Ìdùbúlẹ̀ ni kó wà. Ẹ fi pákó gbẹ́ àwòṣe rẹ̀, kí ẹ là á sí méjì láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ìṣó kékeré méjì mú ìlàjì méjèèjì pàdé. Ẹ fi fáìlì fá ojú pẹrẹsẹ orí rẹ̀ àti ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n máa tínrín bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ibi tí a ti là á. Láìṣe èyí, yóò máa gé iyanrìn bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà á. Alumíníọ̀mù máa ń súnkì tó bá tutù, bíi mílímítà 1.3 nínú 100, ṣùgbọ́n lórí nǹkan kékeré báyìí, ìdajì mílímítà péré ni.

Férémù pákó méjì la ó lò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó sẹ̀ǹtímítà 6. Iyanrìn kíkúnná tó ní amọ̀ díẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ wọ́n omi sí i níwọ̀nba. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un, kí ẹ sì dá a sí méjì: tó bá kán láìfọ́, tí kò sì rin ọwọ́ yín, ó ti tó. Iyanrìn tó bá rin ṣìnkìn léwu, torí omi tí irin gbígbóná bá bá pàdé á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú irin yíyọ́ sókè.

Ẹ fi ìlàjì kan dojú bolẹ̀ lórí pátákó nínú férémù ìsàlẹ̀, kí ẹ bu pàùdá sí i, kí ẹ rọ iyanrìn sí i, kí ẹ gún un kó le. Ẹ yí i padà, ẹ gbé ìlàjì kejì lé e, kí ẹ tún bu pàùdá, kí férémù òkè sì gorí rẹ̀. Kí ẹ tó rọ iyanrìn sí tòkè, ẹ gbé igi róbótó méjì dúró. Èkínní, fún ẹnu ìdà, ẹ gbé e kúrò lára olú díẹ̀ lápá orí rẹ̀; kó fẹ̀ tó mílímítà 20 lókè, 12 nísàlẹ̀. Èkejì, tó nípọn tó 30, ẹ gbé e lé ibi tó ga jù lọ lára orí olú, kí ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ kó ku bíi 15. Èyí ni mo ń pè ní àmù.

Àmù yìí ló ṣe pàtàkì jù. Orí olú nípọn, nítorí náà òun ló máa ń dì kẹ́yìn. Bó ṣe ń dì, ó ń súnkì, bí kò bá sì rí irin yíyọ́ mìíràn fà mu, ojú rẹ̀ á jìn sínú. Àmù tó nípọn ju olú lọ á ṣì máa ṣàn nígbà tí olú bá ń dì. Òun náà ni afẹ́fẹ́ orí olú á gbà jáde.

Ẹ yọ igi méjèèjì, ẹ gbé férémù òkè kúrò, kí ẹ rọra kan àwòṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó mì, kí ẹ tó fà á. Láti ìdí ẹnu ìdà dé orí olú, ẹ gbẹ́ ọ̀nà tó fẹ̀ tó 15, tó jìn tó 6. Èmi kì í jẹ́ kó wọlé láti ẹsẹ̀. Irin á tutù níbẹ̀ kó tó dé orí.

Ọwọ́ ìdérí tí mo kọ́kọ́ dà, ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé, etí rẹ̀ ká róbótó bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìṣó fa ìlà tó jìn ní mílímítà kan láti ìdí ẹsẹ̀ dé etí férémù. Irin tó bá wọ ibẹ̀ á dì kíákíá, afẹ́fẹ́ á sì ti jáde. Ẹ tún fi wáyà tín-ín-rín gún iyanrìn òkè ní ibi mélòó kan, ṣùgbọ́n kó má kan kòtò.

Ẹ dé e padà, kí ẹ gbé ẹrù lé e, torí irin yíyọ́ lè gbé férémù òkè. Olú fúnra rẹ̀ á wọ̀n bíi 100 gíráàmù, ṣùgbọ́n 300 ni kí ẹ yọ́, nítorí ẹnu ìdà àti àmù. Gbangba ìta ni kí ẹ ti dà á, lórí iyanrìn gbígbẹ, kì í ṣe lórí kọnkéré. Ẹ wọ bàtà awọ, kí ẹ fi nǹkan bojú. Ẹ kọ́kọ́ yá ìkòkò tí ẹ ó fi da irin náà sí iná kó gbẹ dáadáa. Ẹ dà á láìdáwọ́ dúró títí irin á fi yọjú lẹ́nu àmù. Tó bá ti tutù, ẹ fi ayùn irin gé àmù àti ẹnu ìdà, kí ẹ fi fáìlì dán an, kí ẹ sì lu ihò ìdè sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀.