Bí mo ṣe lépa ₦68,000 tí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kọ̀ láti san

Ní ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹta 2025, tẹ́tẹ́ tí mo fi ₦1,000 ta jẹ ₦68,000. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ní kí wọ́n san án sí àkáǹtì báńkì mi. Áàpù wọn kọ Pending. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo rí i pé owó ti padà sínú àkáǹtì tẹ́tẹ́ mi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ rẹ̀: Rejected: account name mismatch.

Orúkọ ló fà á. Orúkọ bàbá mi ni mo fi ṣí àkáǹtì tẹ́tẹ́ náà kí n tó lọ́kọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó mo lọ yí orúkọ padà ní báńkì, n ò sì rántí ti tẹ́tẹ́ rárá. Bí a bá fi nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀ pé kí wọ́n sanwó sí, ẹ̀rọ wọn á kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tó ni ín, bí orúkọ ṣe máa ń jáde lórí fóònù wa tí a bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ séèyàn. Tí orúkọ méjèèjì ò bá bára mu, wọn ò ní san án, torí wọn ò mọ̀ bóyá olè ló ti wọ inú àkáǹtì ẹni ẹlẹ́ni. Inú bí mi, àmọ́ mo gbà pé òfin yẹn dáa. Owó tèmi náà ló ń ṣọ́.

Mo kọ̀wé sí àwọn kọsitọ́mà kíà wọn nínú áàpù. Mo kọ iye owó, ọjọ́ àti aago tí mo béèrè, àti nọ́ńbà ìbéèrè náà, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹni tó dá mi lóhùn sọ pé, “Ẹ má bínú mà, a kì í yí orúkọ padà níbí. Ẹ fi ìwé yín ránṣẹ́ láti orí ímeèlì tí ẹ fi ṣí àkáǹtì.” Mo fi ìwé NIN mi ránṣẹ́, mo fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tó gbé orúkọ àtijọ́ àti tuntun kún un, pẹ̀lú ojú ewé kan látinú ìwé báńkì tó fi orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì hàn. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́. Gbogbo ohun tí mo kọ lẹ́yìn náà, abẹ́ nọ́ńbà yẹn ni mo kọ ọ́ sí, kí ẹni tuntun má baà tún máa bi mí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbi tí mo ti ń dúró, mo ṣàròyé lójú ìwé wọn lórí Fesibúùkù. Kò pé wákàtí kan tí ẹnìkan fi kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, àmì ilé-iṣẹ́ náà ló fi ṣe àwòrán ara rẹ̀. Ó ní kí n ka OTP tó máa wọlé sórí fóònù mi fún òun kí òun lè tú owó mi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni láéláé. Ẹni tó bá gbà á ti lè wọ inú àkáǹtì yín. Ẹ má sì fọwọ́ kan owó tí wọ́n dá padà. Àbúrò mi fi tirẹ̀ ta tẹ́tẹ́ mìíràn nígbà tó ń retí ìdáhùn, ó lọ pátá.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú wọ́n ti tún orúkọ ṣe. Mo béèrè owó lẹ́ẹ̀kan péré, láìpẹ́ áàpù kọ Successful. Álẹ́ẹ̀tì ò wọlé. Ní ọjọ́bọ̀, kàkà kí n béèrè ibi tí owó wà, mo ní kí wọ́n fún mi ní session ID rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa owó tó ń ti báńkì kan lọ sí òmíràn. Dígíìtì 30 ló ní. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí báńkì tó fi owó ránṣẹ́, 12 tó tẹ̀lé e jẹ́ ọjọ́ àti aago. Tèmi ní 250312142207 níbẹ̀: ọdún 2025, oṣù kẹta, ọjọ́ 12, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 22 lọ́sàn-án. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé owó ti kúrò lọ́wọ́ wọn lóòótọ́. Ká ní wọn ò rí nọ́ńbà náà fún mi ni, ọ̀dọ̀ wọn ni ǹ bá tún dojú ọ̀rọ̀ kọ. Tí wọ́n bá sì kọ̀ jálẹ̀, ní Èkó, LSLGA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń ṣàmójútó tẹ́tẹ́, la máa ń fẹjọ́ sùn.

Mo gbé nọ́ńbà náà lọ sí báńkì mi. Obìnrin tó wà lórí àga tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa mà, kò tíì wọ àkáǹtì yín ni.” Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo kọ session ID náà síbẹ̀, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wà nínú ọkọ̀ tí álẹ́ẹ̀tì fi dún: ₦68,000.