Iyọ̀, ṣúgà àti wáyà bàbà: bí mo ṣe múra ìdánwò kẹ́mísírì

Ohun tí mo há sórí nípa ìdè, ìyẹn ohun tó so átọ́ọ̀mù pọ̀, kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ìdè áyọ́níìkì kì í tètè yọ́, ìdè kòfálẹ́ńtì máa ń tètè yọ́, ìdè mẹ́tálíìkì máa ń gbé iná. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a ṣe ìdánwò nígbà tí bùrọ̀dá mi bi mí pé kí ló dé tí iyanrìn, tó jẹ́ kòfálẹ́ńtì, fi ń le ju iyọ̀ lọ láti yọ́. Mi ò rí èsì fọ̀. Ni mo bá kó nǹkan jáde ní kíṣìnì Màámi.

Ṣíbí irin ni mo kọ́kọ́ gbé lé iná gáàsì. Ṣúgà yọ́ kíá, ó pọ́n, ó sì di dúdú. Dídúdú yẹn fi hàn pé kì í ṣe yíyọ́ nìkan ló yọ́, ó ti ń bàjẹ́ sí nǹkan mìíràn, nítorí náà àbẹ́là ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ mi, torí pé òun máa ń yọ́, a sì tún padà dì. Iyọ̀ ní tirẹ̀ ta pàràpàrà, kò yọ́. 801°C ló ń béèrè, ṣíbí orí gáàsì wa kò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ibí ni mo ti rí àṣìṣe ńlá mi. Mo ti ń kọ ọ́ pé ìdè inú àbẹ́là kò lágbára ni ó fi ń tètè yọ́. Irọ́ ni. Ìdè tó so átọ́ọ̀mù pọ̀ nínú mọ́líkù kọ̀ọ̀kan le dáadáa, kò sì já nígbà tí àbẹ́là ń yọ́. Ohun tó já ni ìfàmọ́ra tín-ín-rín tó wà láàárín mọ́líkù kan àti èkejì. Iyanrìn kò ní mọ́líkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdè kòfálẹ́ńtì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdè yẹn gan-an lèèyàn gbọ́dọ̀ já, ìyẹn ló jẹ́ kó tó nǹkan bí 1710°C kó tó yọ́.

Ó wá ku iná. Mo fi gílóòbù kékeré pupa inú rédíò, résísítọ̀ kan tí kò ní jẹ́ kó jó, àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì so wáyà. Mo gbẹ́ pẹ́ńsù méjì lórí àti nídìí láti fi ṣe ẹnu wáyà, torí bàbà máa ń yí àwọ̀ padà nínú omi iyọ̀. Lórí wáyà bàbà, iná tàn. Nínú omi iyọ̀, kò tàn. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, àfìgbà tí bùrọ̀dá mi ní kí n sọ bátìrì di mẹ́rin. Nínú omi iyọ̀, iná ní láti tú nǹkan ká lẹ́nu pẹ́ńsù kó tó kọjá, iṣẹ́ yẹn sì ń jẹ nínú fóòtì bátìrì. Nígbà tó di fóòtì mẹ́fà, ó tàn. Ìta ni mo ti ṣe é, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni mo sì fi ṣe é, torí gáàsì kílórínì lè jáde níbẹ̀.

Omi ṣúgà kò tan iná. Àmọ́ iyọ̀ gbígbẹ tàn án fírífírí! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé iyọ̀ dídì ń gbé iná. Màámi ló ní, "Ṣé o ò rí i pé iyọ̀ yẹn ti fa omi sára ni?" Mo yan án nínú páànù, ó tutù tán, mo tún un dán wò: òkùnkùn. Áyọ́nì, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ní agbára iná lára, wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kálukú há sí àyè rẹ̀. Bí omi bá tú u tàbí ooru bá yọ́ ọ ni wọ́n tó lè rìn. Nínú bàbà, elẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń rìn, òun kò sì dúró de yíyọ́.

Ìbéèrè tó jáde nínú ìdánwò fún wa ní nǹkan mẹ́rin tí wọn kò dárúkọ. Ọ̀kan yọ́ ní 98°C, ó gbé iná ní dídì àti ní yíyọ́. Èkejì yọ́ ní 801°C, yíyọ́ nìkan ló ti gbé e. Ẹ̀kẹta yọ́ ní 80°C, ẹ̀kẹrin ní 1710°C, àwọn méjèèjì kò gbé iná rárá. Ẹni tó bá fi ooru nìkan ṣèdájọ́ á pe èkíní ní kòfálẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ sódíọ̀mù ni, mẹ́tàlì pọ́ńbélé. Iná ni mo kọ́kọ́ wò: mẹ́tálíìkì, áyọ́níìkì, kòfálẹ́ńtì méjì. Lẹ́yìn náà ni mo fi ooru ya àwọn méjì ìkẹyìn: ẹ̀kẹta jẹ́ mọ́líkù kéékèèké bíi káńfọ̀ inú àpótí aṣọ, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ iyanrìn bùrọ̀dá mi.

Ilé ni mo dé kí n tó rántí pẹ́ńsù. Gíráfáìtì inú rẹ̀ jẹ́ kòfálẹ́ńtì, síbẹ̀ òun ni mo fi ń gbé iná ní gbogbo ìgbà yẹn. Kábọ̀nù kọ̀ọ̀kan so mọ́ mẹ́ta péré, elẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kẹrin ló ń rìn kiri. A dúpẹ́ pé wọn kò béèrè rẹ̀.