Orúkọ nǹkan, ẹ yá a; iṣẹ́ ọwọ́, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí orúkọ nǹkan jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, kí ohun tí ọwọ́ ń ṣe sì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá. Fáìlì, fódà àti máòsì ti wà lẹ́nu àwọn tó ń lò wọ́n. Ṣí, tẹ̀ àti fà kò sì nílò àyálò kankan. “Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá” dùn létí, àmọ́ ẹ kọ ọ́ nígbà ogún lójú ìwé kan ná! Ibi tó ti ń dani láàmú ni “pa”. “Pa fáìlì náà”: ṣé ká pa á dé ni, àbí ká pa á rẹ́? Ẹni tó bá ṣì í gbọ́ lè sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù. “Pa dé” ni kí ẹ lò fún Close, “pa rẹ́” fún Delete, kí ẹ má gé e kúrú. “Fi pamọ́” náà lè jẹ́ Save, ó sì lè jẹ́ Hide; ẹ fi í sílẹ̀ fún Save, kí ẹ lo “bò mọ́lẹ̀” fún Hide. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnì bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì lójú kọ̀ǹpútà, ẹ má túmọ̀ rẹ̀: “Tẹ Save láti fi iṣẹ́ rẹ pamọ́.” Ohun tí ojú òǹkàwé máa wá nìyẹn.